Gbogbo Fọ́múlà Físíìsì Lórí Abala Ìwé Kan

Ẹ gba ìwé àkọsílẹ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìn-ín-ní kan tó ń kọ́ físíìsì ní yunifásítì, kí ẹ ṣí i láti iwájú dé ẹ̀yìn, kí ẹ máa wá ibi tí ọ̀rọ̀ agbára wà. Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kẹrin, ẹ óò bá iṣẹ́ àti agbára ìrìn pàdé. Lẹ́yìn èyí ni olùkọ́ bọ́ sórí mòmẹ́ńtọ̀ọ̀mù, ẹ óò sì rò pé ọ̀rọ̀ agbára ti parí. Ó di ọ̀sẹ̀ keje, nígbà tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ ohun tó ń yí bírí, kí agbára tó tún yọjú pẹ̀lú fọ́múlà tuntun. Ní ọ̀sẹ̀ kẹjọ, nídìí òòfà ayé, òmíràn dé. Ní ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án, nídìí sípíríǹgì, òmíràn tún dé. Ohun kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ń sọ, ṣùgbọ́n ojú ewé tí wọ́n wà jìnnà síra.

Bí ìdánwò bá dé, kò sẹ́ni tí yóò béèrè ohun tí a kọ́ ní ọ̀sẹ̀ kẹjọ. Wọn yóò ní bọ́ọ̀lù kan ń yí bọ̀ láti orí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, kí a sọ bí yóò ṣe yára tó nígbà tó bá balẹ̀. Nínú ìbéèrè kan yẹn, ọ̀sẹ̀ kẹrin àti ọ̀sẹ̀ keje ti pàdé. Akẹ́kọ̀ọ́ tó da fọ́múlà kọ láti ọ̀sẹ̀ kìíní dé ìkẹwàá bí wọ́n ṣe tẹ̀ léra wọn dà bí ìyàwó ilé tó to ata, iyọ̀ àti epo rẹ̀ sórí pẹpẹ ní títẹ̀lé ọjọ́ tó rà wọ́n lọ́jà. Gbogbo nǹkan wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọbẹ̀ ti jóná kó tó rí iyọ̀.

Abala tí mò ń sọ yìí yàtọ̀ sí èyí tí àwọn kan ń ká pọ̀ sínú ìbọ̀sẹ̀ wọ gbọ̀ngàn ìdánwò. Àwọn olùkọ́ kan máa ń gbà kí akẹ́kọ̀ọ́ mú abala kan tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ wọlé, àwọn mìíràn kì í gbà rárá. Ibi yòówù kí tiyín bọ́ sí, inú kíkọ ọ́ ni èrè rẹ̀ wà. Ìdí nìyẹn tí abala tí ẹlòmíràn kọ, tí a kàn lọ ṣe fọ́tòkọ́pì rẹ̀, kì í fi bẹ́ẹ̀ wúlò fún ẹni tó rà á.

Iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú pélébé ìwé. Ẹ gé ìwé sí wẹ́wẹ́, fọ́múlà kan sí orí pélébé kan. Ohun mẹ́ta ni kí ẹ kọ sórí ọ̀kọ̀ọ̀kan: fọ́múlà fúnra rẹ̀, ohun tí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan dúró fún pẹ̀lú òṣùwọ̀n rẹ̀, àti ìgbà tí fọ́múlà náà ṣeé lò. Ẹ má kọ ọ̀sẹ̀ tàbí ọjọ́ tí ẹ kọ́ ọ. Ẹ̀ẹ̀kẹta inú àwọn ohun wọ̀nyí ló máa ń ṣòro jù, nítorí kì í sí nínú àpótí tí olùkọ́ yà yí fọ́múlà ká lójú pátákó. Òkè ló wà, nínú gbólóhùn àkọ́kọ́ tí olùkọ́ sọ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í fa fọ́múlà náà yọ, ìyẹn gbólóhùn tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ kì í kọ sílẹ̀ torí pé wọ́n ṣì ń wá bírò. "Ẹ jẹ́ ká gbà pé ìmúyára kò yí padà." "Ẹ jẹ́ ká gbà pé kò sí ìfarakínra." Bí ẹ kò bá rí i nínú ìwé yín, ẹ tẹ̀ lé ìfàyọ náà padà sókè títí ẹ ó fi rí ibi tí wọ́n ti gba nǹkan kan láìsọ. Ẹ wo v = u + at. Ìlà tó yẹ kó wà lábẹ́ rẹ̀ kúrú: ìmúyára gbọ́dọ̀ dúró sójú kan. Ẹni tí kò bá kọ ìlà yìí yóò lo fọ́múlà náà fún ohun tí sípíríǹgì ń fà, níbi tí ìmúyára ti ń yí padà ní gbogbo ìgbà, ìdáhùn rẹ̀ yóò sì bàjẹ́ láìjẹ́ pé ìṣirò rẹ̀ ní àṣìṣe kankan.

Nígbà tí pélébé bá ti wà nílẹ̀ tán ni a óò máa kó wọn jọ. Fún apá físíìsì tó dá lórí ìrìn àti ipá, àpótí mẹ́rin ló tó lójú tèmi. Àkọ́kọ́ ni ti ìrìn nìkan, níbi tí a kò ti béèrè ohun tó fà á. Èkejì ni ti ipá. Ẹ̀kẹta ni ti agbára, ẹ̀kẹrin sì ni ti mòmẹ́ńtọ̀ọ̀mù, ìyẹn ìwọ̀n ohun kan ní ìlọ́po ìyára rẹ̀. Ẹ óò ṣàkíyèsí pé n kò ya àpótí sọ́tọ̀ fún òòfà ayé tàbí fún sípíríǹgì, bẹ́ẹ̀ olùkọ́ lo odindi ọ̀sẹ̀ kan lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Fọ́múlà méjì ni òòfà ayé mú wá. F = GMm/r² ń sọ ti ipá, àpótí ipá ni yóò lọ. U = −GMm/r ń sọ ti agbára tó wà ní ìpamọ́, àpótí agbára ni tirẹ̀. Bákan náà ni sípíríǹgì: F = −kx lọ sọ́dọ̀ ipá, ½kx² lọ sọ́dọ̀ agbára. Orí kan tó gùn nínú ìwé àkọsílẹ̀ ti pín sí méjì, apá kọ̀ọ̀kan sì ti bá ẹbí rẹ̀ jókòó.

Ẹ jẹ́ ká wo àpótí agbára dáadáa. Ìlà tó wà lókè rẹ̀ ni ìlànà tó so gbogbo wọn pọ̀, àwọn ẹ̀yà agbára sì wà nísàlẹ̀:

```
E1 + W = E2
½mv²    ½Iω²    mgh    ½kx²    −GMm/r
```

E1 ni àpapọ̀ agbára níbẹ̀rẹ̀, E2 ni àpapọ̀ rẹ̀ níparí. W ni iṣẹ́ tí àwọn ipá tí kò ní agbára ìpamọ́ tiwọn nínú àpótí náà ṣe. Bí ìfarakínra bá ń fa ohun náà sẹ́yìn bó ṣe ń lọ, W rẹ̀ yóò jẹ́ òdì, nítorí agbára ló ń gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Bí àwọn fọ́múlà wọ̀nyí ṣe jókòó pọ̀ báyìí, ohun kan yóò hàn tí kò lè hàn nígbà tí wọ́n wà ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀: mgh àti −GMm/r ń sọ̀rọ̀ nípa òòfà ayé kan náà, ọ̀rọ̀ wọn kò sì jọra. Ọ̀kan ní bí a bá wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀, agbára ìpamọ́ jẹ́ òdo. Èkejì ní ó di ọ̀nà jíjìn réré tí kò lópin kó tó jẹ́ òdo, òdì ló sì jẹ́ níbi gbogbo tó kù. Ta ni ká gbàgbọ́? Àwọn méjèèjì ni, nítorí ibi tí a bá fẹ́ ni a lè pè ní òdo, ìyàtọ̀ láàárín ibì kan sí ibòmíràn nìkan ló ń wọ inú ìṣirò. Ẹ mú U ní gíga h lókè ilẹ̀, kí ẹ yọ U ti ojú ilẹ̀ kúrò nínú rẹ̀. Bí R bá jẹ́ ìdajì ìbú ayé, ohun tí yóò kù ni mgh × R/(R+h). Nítorí náà, mgh jẹ́ ẹ̀dà kékeré ti fọ́múlà ńlá náà, tó ṣeé lò nígbà tí h bá kéré gan-an sí R.

Báwo ni kíkéré náà ṣe gbọ́dọ̀ kéré tó? R jẹ́ nǹkan bíi kìlómítà 6,371. Láti ìsàlẹ̀ Kòkó Háòsì ní Ìbàdàn dé òkè rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi mítà 105. Àṣìṣe tí mgh yóò ṣe níbẹ̀ kò tó méjì nínú ọ̀kẹ́ márùn-ún, kò sí akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ̀rọ ìṣirò rẹ̀ yóò bá a jà nítorí ìyẹn. Ṣùgbọ́n bí a bá gbé nǹkan dé gíga kìlómítà 400, níbi tí ibùdó òfuurufú àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń yí ayé po, agbára gidi tí a nílò láti gbé e dé gíga yẹn jẹ́ ìdá 94 nínú 100 ohun tí mgh sọ. Abẹ́ mgh ni kí ẹ kọ èyí sí, ní ìlà kan: "h kéré gan-an sí R, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, lo −GMm/r."

Ẹbí mìíràn tún wà tó pínyà. v² = u² + 2as ti wà nínú àpótí ìrìn láti ọ̀sẹ̀ kejì. Ẹ sọ gbogbo rẹ̀ di ìlọ́po ½m. Ó di ½mv² = ½mu² + mas. Ma ni F, nítorí náà mas ni Fs, ìyẹn iṣẹ́ tí ipá náà ṣe. Fọ́múlà tí a há sórí ní ọ̀sẹ̀ kejì ni ìlànà iṣẹ́ àti agbára tí a tún há sórí ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, fún ipá tí kò yí padà. N kò ní kí ẹ pa á rẹ́ o. Ẹ fa ọfà kékeré kan láti ara ọ̀kan sí èkejì, ó ti tó.

Ní ti ohun tó ń yí bírí, ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ má fún un ní àpótí rárá. Ẹ ya òpó kejì sí ẹ̀gbẹ́ òpó àkọ́kọ́. Ibi tí s wà, θ ni yóò bọ́ sí. V di ω, a di α, F di τ, m di I. Pẹ̀lú ìlà pàṣípààrọ̀ kan yìí, gbogbo fọ́múlà tó wà nínú àpótí ìrìn di ti yíyí láìtún wọn kọ. Ibì kan ṣoṣo ni ẹ ti gbọ́dọ̀ ṣọ́ra. Ìwọ̀n ohun kan, m, kì í yí padà, ṣùgbọ́n I máa ń yí padà bí ibi tí ohun náà ti ń yí bá yàtọ̀. Ọ̀pá gbọọrọ tó ń yí láti àárín ní I = ML²/12; ọ̀pá kan náà tó ń yí láti ìpẹ̀kun rẹ̀ ní ML²/3, ìlọ́po mẹ́rin. Nítorí náà, bí ẹ bá ń kọ I sílẹ̀, ẹ ya àwòrán kékeré kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí ojú lè rí ibi tí yíyí náà ti ń ṣẹlẹ̀.

Bọ́ọ̀lù tí a fi bẹ̀rẹ̀ wá di ìṣirò ìlà méjì. Ẹ fi òpó méjèèjì sínú ìlà agbára: mgh = ½mv² + ½Iω². Bọ́ọ̀lù tó dì nínú ní I = 2mr²/5, bí kò bá sì yọ̀, v = ωr. m àti r yóò pa ara wọn rẹ́, v yóò di √(10gh/7). Láti gíga mítà kan, ìyẹn jẹ́ nǹkan bíi 3.7 m/s. Bó bá jẹ́ pé ńṣe ló ń yọ̀ bọ̀ láìsí ìfarakínra, 4.4 m/s ni ìbá jẹ́. Ìyàtọ̀ yẹn ni agbára tí yíyí ti gbà.

Ibi tí mo ti rí i pé abala tí a to dáadáa ń gba ènìyàn là jù ni ìbéèrè ọta ìbọn àti igi. Ohun gidi ló ti wá. Ní ọdún 1742, Benjamin Robins, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, tẹ ìwé jáde nípa bí ìbọn ṣe ń ṣiṣẹ́, níbi tó ti ṣàlàyé bí a ṣe lè mọ ìyára ọta nígbà tí kò tí ì sí ẹ̀rọ kankan tó lè wọ̀n ọ́n tààrà. Yóò yìnbọn lu ohun wíwúwo kan tó so rọ̀, yóò sì wo bí ohun náà ṣe fì lọ tó. Ìbéèrè inú ìwé wa máa ń lọ báyìí: ọta gíráàmù 10 ń bọ̀ ní 400 m/s, ó wọ inú igi kílò 1.99 tí a fi okùn so rọ̀, ó sì há síbẹ̀. Gíga wo ni igi náà yóò fì dé?

Akẹ́kọ̀ọ́ tó ní fọ́múlà lọ́wọ́ tí kò ní ìlà ìgbà-tó-ṣeé-lò yóò rí ½mv² àti mgh, yóò sì fi wọ́n dọ́gba kíákíá. Agbára ìrìn ọta náà jẹ́ ½ × 0.01 × 400², ìyẹn júùlù 800. Àpapọ̀ ìwọ̀n igi àti ọta jẹ́ kílò 2. Júùlù 800 pín sí 2 × 9.8 jẹ́ mítà 40.8. Ìṣirò rẹ̀ pé pérépéré, ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó sọ: igi tí okùn rẹ̀ kò ju mítà kan tàbí méjì lọ fò ga ju ilé alájà mẹ́wàá. Bí ìdáhùn bá rí báyìí, ẹ mọ̀ pé ẹ lo fọ́múlà kan níbi tí kò ti ní àṣẹ.

Ẹ wá wo abala tí a to. Lábẹ́ orí àpótí agbára, a ti kọ ọ́ pé: "Bí àwọn ohun bá kọlu ara wọn tí wọ́n sì lẹ̀ mọ́ra, agbára ìrìn kì í pé, lọ sí àpótí mòmẹ́ńtọ̀ọ̀mù." Nínú àpótí mòmẹ́ńtọ̀ọ̀mù, a kọ ọ́ pé: "Ó pé níwọ̀n ìgbà tí ipá òde kò bá ní àkókò láti ṣe nǹkan kan." Ìkọlù kò gba àkókò, òòfà ayé àti okùn kò tí ì ráyè. Nítorí náà, ìṣẹ̀lẹ̀ méjì ló wà nínú ìbéèrè yìí, àpótí kọ̀ọ̀kan sì ní tirẹ̀. Nínú ìkọlù, a lo mòmẹ́ńtọ̀ọ̀mù: 0.01 × 400 = 2 × V, V sì jẹ́ 2 m/s. Lẹ́yìn ìkọlù, nígbà tí igi ń fì lọ sókè, kò sí ohun tó ń lẹ̀ mọ́ ohun kankan mọ́, okùn pàápàá kò sì ṣe iṣẹ́ kankan torí pé ó fa igi ní ìbú sí ọ̀nà tó ń lọ. Agbára ti pé báyìí: gh = ½V², h sì jẹ́ nǹkan bíi mítà 0.2, ìyẹn sẹ̀ǹtímítà 20. Èyí ni ojú gbà.

Ẹ bá mi wo agbára náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Kó tó kọlù ú, júùlù 800. Lẹ́yìn tó kọlù ú tán, ½ × 2 × 2², ìyẹn júùlù 4. Júùlù 796 ti di ooru, ti di ariwo, ti di igi tó fọ́ nínú. Nínú ìwé tó tẹ̀ lé ọ̀sẹ̀, agbára ṣáájú mòmẹ́ńtọ̀ọ̀mù, akẹ́kọ̀ọ́ a sì máa rò pé agbára ni yóò kọ́kọ́ lò. Ìbéèrè yìí yí i po.

Ohun mìíràn tí ń ba abala jẹ́ ni lẹ́tà. Nígbà tí wọ́n wà ní ọ̀sẹ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, lẹ́tà T kò dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́: ó jẹ́ ipá inú okùn ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ó jẹ́ àkókò fífì kan lọ bọ̀ ní ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án. Ṣùgbọ́n lórí abala kan, nínú ìbéèrè igi tó ń fì, àwọn T méjèèjì lè jọ wà nínú iṣẹ́ kan náà. Bákan náà ni W ti iṣẹ́ àti W ti ìwúwo. Àwọn olùkọ́ kan ń kọ ìyára ìbẹ̀rẹ̀ ní u, àwọn mìíràn ní v₀. Ẹ yan ọ̀kan, kí ẹ sì tún gbogbo pélébé kọ kí ẹ tó kó wọn sórí abala. Èmi a máa kọ ipá okùn ní F pẹ̀lú àmì "okùn" nísàlẹ̀ rẹ̀, ìwúwo ní mg, T wá di ti àkókò nìkan. Kò lẹ́wà púpọ̀, ṣùgbọ́n kì í tanni jẹ.

A kò lè mọ̀ bóyá abala dára nípa wíwò ó. Ẹ mú ìbéèrè ìdánwò àtijọ́, kí ẹ pa ìwé àkọsílẹ̀ dé. Ẹ má tí ì ṣírò ohunkóhun. Fún ìbéèrè kọ̀ọ̀kan, ẹ kàn fi ìka tọ́ka sí àpótí tí yóò yanjú rẹ̀, àti ìlà tó fún yín láṣẹ. Bí ẹ bá ní láti padà sí ìwé àkọsílẹ̀, ìlà kan kò sí níbẹ̀, ẹ fi kún un. Bí àpótí méjì bá dà bí ẹni pé wọ́n tọ́ tí ẹ kò sì mọ èyí tí ẹ ó mú, ìlà ìgbà-tó-ṣeé-lò ọ̀kan nínú wọn kò mú tó, ẹ pọ́n ọn sí i. Fọ́múlà tí ẹ kò fọwọ́ kàn nínú ìbéèrè ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin lè jáde kúrò lórí abala, àyàfi bó bá jẹ́ pé òun ni àwọn mìíràn ti wá.

Ẹ má jù ú nù bí sáà bá parí. Bí iná mànàmáná bá dé ní sáà kejì, àpótí agbára wà bó ṣe wà. E1 + W = E2 kò yí padà, àwọn àlejò ni a kàn fi kún ìlà ìsàlẹ̀: qV, ½CV², àti agbára ìpamọ́ láàárín ẹ̀rù iná méjì, kQq/r, tó jọ −GMm/r bí ìbejì. Ẹ kọ ìyàtọ̀ wọn sí ẹ̀gbẹ́ wọn: ti òòfà ayé jẹ́ òdì nígbà gbogbo, ti iná sì jẹ́ òdì nígbà tí ẹ̀rù kan bá jẹ́ òdì tí èkejì kò sì jẹ́. Sípíríǹgì ti gba k ṣáájú, nítorí náà ẹ kọ k ti iná ní 1/(4πε₀).